Títo Àkọlé Kékeré Sínú Ìwé Ìtọ́nisọ́nà Gígùn: Àpẹẹrẹ Gígé Iṣu fún Èèbù ní Àríwá Èkìtì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí sọ bí a ṣe lè to àkọlé kékeré sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà gígùn tí a fi èdè Yorùbá kọ, kí ẹni tí kò ráyè ka gbogbo rẹ̀ lè tètè rí ìdáhùn rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a gbé yẹ̀ wò ni ìlànà gígé iṣu sí wẹ́wẹ́ láti fi ṣe èèbù, èyí tí a mọ̀ sí míníséètì. A fi hàn pé inú ìbéèrè òǹkàwé ni àkọlé rere ti ń jáde, pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ, àti pé àìfi àmì ohùn sí àkọlé ń ṣi ènìyàn lọ́nà ju àìfi í sí àárín gbólóhùn lọ.

Òǹkàwé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Bí a ṣe ń ka ìwé ìtàn kọ́ là ń ka ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ẹni tó ń ka ìtàn a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní, a sì máa bá a lọ títí dé òpin, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tú jáde ló ń dùn mọ́ ọn. Ẹni tó mú ìwé ìtọ́nisọ́nà lọ́wọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú àgbẹ̀ kan ní Odò-Orò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tó gé iṣu èèbù rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ yìí, ó rí i pé ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá lára àwọn kan ti dúdú, ó sì ń rọ̀. Kò fẹ́ mọ ìtàn bí ìlànà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ mọ àǹfààní rẹ̀, nítorí pé ó ti gbà á kó tó mú ọ̀bẹ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá èyí tó rọ̀ ti bàjẹ́ tán, àti ohun tó lè ṣe kí ìyókù má baà bá a lọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìwé. Yóò fi ojú sáré wò ó ni. Ní 1997, Jakob Nielsen, ẹni tí a mọ̀ nípa ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kéde pé nínú àwọn tí òun àti ẹlẹgbẹ́ òun yẹ̀ wò, ìdá 79 nínú 100 ló ń fi ojú sáré wo ojú ewé tuntun, tí ó sì jẹ́ pé ìdá 16 péré ló ń ka ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ní 2006, Nielsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìwádìí tí wọ́n fi tọ ipa ẹyin ojú òǹkàwé. Wọ́n rí i pé ojú máa ń lọ láti òsì sí ọ̀tún ní àwọn ìlà òkè, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni ojú ń bá pàdé nísàlẹ̀ ewé. Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà kò bá sọ ohun kan pàtó, òǹkàwé yóò kọjá ibi tí ìdáhùn rẹ̀ wà láìmọ̀.

Iṣẹ́ tí ìwé náà fẹ́ kọ́ni: láti iṣu kan sí ogún èèbù

Kí àpẹẹrẹ wa lè yé ni, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èèbù máa ń wọ́n àgbẹ̀. Apá ńlá nínú iṣu tó wà lọ́dún yìí ni yóò tún padà sínú ebè lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹnu kò ní kàn án. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní Umudike, pẹ̀lú IITA ní Ìbàdàn, ṣe ìlànà gígé iṣu sí wẹ́wẹ́. Iṣu kan tó wọn kílógíráàmù kan lè di nǹkan bí 20 ẹyọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wọn 50 gíráàmù.

A ó yan iṣu tó ti fẹ́ hù tí kò ní àbàwọ́n. A ó gé e sí àwo róbótó róbótó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, a ó sì la àwo kọ̀ọ̀kan sí méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èépo lè wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé láti ara èépo ni ó ti ń hù. A ó fi eérú pa á lára, a ó sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a ó kó o sínú èérún pákó tútù kí ó hù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, a ó gbé e lọ sí oko, a ó fi sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín ẹyọ sí ẹyọ, a ó sì fi mítà kan sí àárín ebè gígùn sí èkejì. Ohun tí a ó wà ní òpin ọdún kì í ṣe iṣu ńlá fún iyán. Èèbù gidi ni, tí a ó gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àkọlé tí òǹkọ̀wé sábà máa ń lò, àti ohun tó ṣe é tí kò fi wúlò

Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bá fẹ́ kọ ìwé lé e lórí, tó sì kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ nílé ẹ̀kọ́, àkọlé kékeré rẹ̀ yóò sábà rí báyìí:

Ìfáàrà
Ìtàn ìlànà náà
Ìwúlò rẹ̀
Ìpèsè ohun èlò
Ìgbésẹ̀ tí a ó tẹ̀ lé
Ìṣòro
Ìkádìí

Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú ojú àgbẹ̀ Odò-Orò. Méje ni àkọlé náà, mẹ́rin nínú wọn kò sì kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ìgbésẹ̀, tó kó gbogbo iṣẹ́ láti yíyàn dé oko sínú, ni yóò gùn jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àkọlé kan ṣoṣo ló ní. Ìṣòro ni yóò kọ́kọ́ yà sí, ṣùgbọ́n yóò bá jíjẹrà, àìhù, kòkòrò àti ọ̀dá pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan tó gùn. Àkọlé wọ̀nyí ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ. Wọn kò sọ ohun tí òǹkàwé lè rí níbẹ̀. A lè gbé wọn kúrò nínú ìwé iṣu kí á fi wọ́n sínú ìwé ọṣẹ dúdú tàbí ìwé àdìẹ, kò sì ní sí ohun tó máa yí padà. Èyí ni àmì tí a fi ń mọ àkọlé tí kò ṣiṣẹ́: bí ó bá lè bá ìwé mìíràn mu, kò tíì bá ìwé yìí mu.

Ìbéèrè ni kí á kọ́kọ́ kó jọ, àkọlé lẹ́yìn

Kí á tó kọ ìlà kan, ó yẹ kí á kó ìbéèrè àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn. Lórí gígé iṣu, àwọn ìbéèrè tó máa ń yọjú kò pọ̀ púpọ̀. Irú iṣu wo ni mo lè gé? Báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ṣé mo lè gé idí rẹ̀ pẹ̀lú? Ọjọ́ mélòó ni kí n fi tẹ́ ẹ? Kí ló dé tí ó ń rà? Kí ló dé tí kò hù? Ìgbà wo ni mo lè gbé e lọ sóko, báwo ni mo ṣe máa jìnnà sí ara wọn tó?

Lẹ́yìn èyí, kí á pín ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí àkókò tí wọ́n ń yọjú lẹ́nu iṣẹ́: èyí tó ṣáájú ọ̀bẹ, èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ ọ̀bẹ, èyí tó wà nígbà tí ẹyọ náà wà nínú èérún pákó, àti èyí tó jẹ́ ti oko. Àkókò yìí ló ń di ètò ìwé náà, nítorí pé òǹkàwé mọ ibi tí òun dé lẹ́nu iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ ohunkóhun nípa bí ìwé náà ṣe tò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkọlé yóò rí báyìí:

Yíyàn iṣu: èyí tó ti fẹ́ hù, tí ara rẹ̀ mọ́
Gígé: èépo gbọ́dọ̀ wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan
Eérú àti ibòji: ọjọ́ kan tàbí méjì
Híhù: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú èérún pákó tútù
Gbígbìn sí oko: sẹ̀ǹtímítà 25 sí ara wọn
Wíwa: bí èèbù náà ṣe máa tóbi tó
Bí ó bá ń rà
Bí kò bá hù

Ẹni tó ka àkọlé mẹ́jọ yìí nìkan ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun tó tẹ̀ lé àmì olójú méjì nínú ọ̀pọ̀ àkọlé náà jẹ́ ìdáhùn gan-an, kì í ṣe ìlérí ìdáhùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìṣòro kò sí lábẹ́ àkọlé kan mọ́. Ohun tí ojú àgbẹ̀ rí ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò tíì mọ ohun tó fà á. Bí a bá kọ "Àrùn olú ní ojú ọgbẹ́" sí ibẹ̀, ẹni tó ti mọ ìdáhùn nìkan ni yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí òun wò.

Ìtàn ìlànà náà àti ìwúlò rẹ̀ ń kọ́? Wọn kò parẹ́. Ìpínrọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní àkọlé, tó fún wọn, kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ lè fò wọ́n kọjá.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: àpètúnpè ṣe ju "Bí a ṣe ń" lọ

Níbi yìí ni èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti sọ ìgbésẹ̀ ní Yorùbá ni "Bí a ṣe ń": Bí a ṣe ń yan iṣu, Bí a ṣe ń gé iṣu, Bí a ṣe ń gbin iṣu. Nínú gbólóhùn, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá to mẹ́jọ irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn bákan náà ni. Ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì kò rí nǹkan mìíràn ju "Bí a ṣe ń" lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ya àkọlé kan sọ́tọ̀ wà ní àárín ìlà.

Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a fi "ì" ṣẹ̀dá ní ìṣòro tó jọ ọ́. Ìpèsè, ìtọ́jú, ìgbìn, ìkórè: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, ara wọn sì jọra lójú ẹni tó ń yára. Ohun tí ó ń gbà wá ni àpètúnpè. Nígbà tí a bá pe kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀-ìṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí a sì fi "í" sí àárín, ọ̀rọ̀-ìṣe náà bọ́ sí iwájú àkọlé pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀: gígé, híhù, gbígbìn, wíwa. Kò sí méjì nínú wọn tó fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ nínú àtòjọ tí a ṣe lókè, àfi gígé àti gbígbìn, àwọn náà sì yàtọ̀ nípa gb. Bí àpètúnpè méjì bá jọra jù, kí á fi ohun èlò ṣáájú dípò iṣẹ́, bí a ṣe ṣe sí "Eérú àti ibòji".

Ní ti "Bí ó bá" àti "Bí kò bá", a fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé méjì péré ni wọ́n, wọ́n sì dúró pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìjọra wọn fúnra rẹ̀ ń sọ fún òǹkàwé pé ibi ìṣòro ló dé. Bí wọ́n bá di mẹ́fà, yóò dára kí a yí wọn sí "Jíjẹrà", "Àìhù", àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì ohùn: yíyàn kì í ṣe yíyan

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi lẹ́tà ńlá kọ àkọlé, wọ́n sì ń yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ kúrò kí ó lè mọ́ lójú. Nínú gbólóhùn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa ń gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì sílẹ̀. Àkọlé kò ní irú alábàárò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ara rẹ̀. Bí a bá kọ YIYAN ISU, ẹni kan lè kà á sí yíyàn iṣu, tí í ṣe ṣíṣà á, ẹlòmíràn lè kà á sí yíyan iṣu lórí iná. ILE lè jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀, ó sì ṣe kókó nínú ìwé tó ń sọ ibi tí a ó tẹ́ èèbù sí. Nítorí náà, lẹ́tà kékeré tí a fi igi sí dáadáa, tí àmì rẹ̀ pé, ló yẹ àkọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè náà wà níbẹ̀. Ní Èkìtì, uṣu ni a ń gbọ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí àkọlé jẹ́, nítorí pé ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìjẹ̀bú lè ka ìwé náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ lábẹ́ àkọlé, kí onílé lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dá dúró

Àkọlé lè mú ènìyàn dé ibi tó yẹ, kí ohun tó bá níbẹ̀ sì dá a padà. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè". Àgbẹ̀ wa kò ka òkè. Ìpín tó yẹ kí ó bá lábẹ́ "Bí ó bá ń rà" lè rí báyìí:

*Kó èyí tó rọ̀ dànù lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà ran ìyókù. Èyí tó dúdú ní ojú ọgbẹ́ nìkan, tí ara rẹ̀ le, lè yè: gé ojú dúdú náà kúrò, fi eérú pa á, kí o sì tẹ́ ẹ sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á: iṣu tó ti ní àbàwọ́n kí a tó gé e, ojú ọgbẹ́ tí kò gbẹ kí a tó kó o sínú èérún pákó, tàbí èérún pákó tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bu èérún pákó náà, kí o fún un. Bí omi bá ń ro jáde láàrin ìka, ó ti tutù jù.*

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe ló ṣáájú, ìdí tẹ̀ lé e, ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ló kẹ́yìn. A tún dárúkọ eérú àti ibòji níhìn-ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ní ìpín tiwọn. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, irú àtúnsọ bẹ́ẹ̀ sàn ju kí á rán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún eérú padà sí ojú ewé mìíràn.

Ilẹ̀kùn méjì sí ilé kan: ohun tí Verger ṣe nínú *Ewé*

Kò sí ètò kan tó lè dáhùn gbogbo irú ìwákiri. Pierre Fátúmbí Verger dojú kọ ìṣòro yìí nínú ìwé rẹ̀ *Ewé*, tó jáde ní 1995, tí ìlànà ìṣègùn 447 wà nínú rẹ̀. Ìwúlò ló fi pín wọn: oògùn fún àìsàn, ti ìbímọ, ti òrìṣà, àwúre, àbìlù, àti ìdáàbòbò. Àkọlé ìlànà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí a ń fi í ṣe, ẹni tó mọ ohun tó ń dùn ún sì lè bá ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè mú ewé kan lọ́wọ́, kí ó máa wá ohun tí a ń fi í ṣe. Verger kò tún ìwé náà tò nítorí ẹni yìí. Ó to orúkọ àwọn ewé sí ẹ̀yìn ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ìwé iṣu ṣe. Kí àkọlé tẹ̀ lé iṣẹ́, kí àtòjọ kékeré ní ẹ̀yìn ìwé sì tọ́ka sí eérú, èépo, idí iṣu àti èérún pákó. Ẹni tó ń fi Microsoft Word kọ̀wé kò gbọdọ̀ fi igi lásán sàmì sí àkọlé. Kí ó lo `Heading 2`, nítorí èyí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé àkọlé ni, tí yóò sì lè kó wọn jọ sí iwájú ìwé.

Dídán àkọlé wò, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kò yẹ kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́ àkọlé tirẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Kí ó da àkọlé nìkan kọ sórí bébà kan, kí ó fún ẹni tó ń gbin iṣu, kí ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́fà tàbí méje nínú èyí tó kó jọ. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun máa wò. Bí ìka bá lọ tààrà, àkọlé náà dára. Bí ó bá ń rìn káàkiri láàrin méjì, ó jẹ́ pé àkọlé méjèèjì jọra jù. Nínú àtòjọ wa, ìbéèrè "Ṣé mo lè gé idí rẹ̀?" ni ó lè kó ìdààmú bá ìka, nítorí ó lè bọ́ sí yíyàn, gígé tàbí àìhù. Orí iṣu a máa hù ṣáájú àárín, àárín a sì máa ṣáájú idí. Nítorí náà, a ní láti sọ ọ́ lábẹ́ gígé pé kí a ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kí a sì tún un sọ lábẹ́ àìhù pé kí a ní sùúrù fún idí.

Ohun kan wà tí àkọlé kò lè ṣe. Ẹni tó ń fi ojú sáré wo ìwé yóò fo nǹkan, kò sì sí ètò tó lè dá a dúró. Bí àgbẹ̀ bá fo ìpín gígé, tó sì gé ẹyọ tí kò ní èépo, kò sí ìpín mìíràn tó lè mú un hù. Ìdí nìyí tí a fi gbé èépo sínú àkọlé fúnra rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ rẹ̀ yóò ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sínú ìpínrọ̀. Inú àkọlé ni ibùgbé rẹ̀. Irú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ìwé kan, nítorí bí gbogbo àkọlé bá ń pariwo ìkìlọ̀, òǹkàwé kò ní mọ èyí tí ó yẹ kí òun dúró gbọ́.